Apá Tí Mo Kùn, Tó Ṣẹ́ Ní Ìgúnpá

Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ láyé yìí tó kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń ká apá. Kí n tó dé ibẹ̀, gbogbo apá tó wà nínú gbogbo àwòrán tó ń rìn, láti ìlú Faransé títí dé ìlú Ṣáínà, gbọnrangandan ni wọ́n nà bí ọmọ odó. Ọba òyìnbó kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí mi ní Ifangni níbí pé kí n ṣàánú àwọn. Mo ní kí ó dúró ná, mo ń jẹ gààrí lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó ṣáà jókòó, nítorí ohun tó kù lẹ́nu mi ju ìyẹn lọ.

Akunlé ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi kun ilẹ̀kùn, fèrèsé àti pátákó ìtajà, níhìn-ín àti ní òdìkejì ààlà. Ilé ìwé tí mo lọ kò ju ọdún méjì ààbọ̀ lọ. Èmi àti tíṣà kò fohùn ṣọ̀kan lórí ìyókù. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà láàárín ọ̀dà pupa àti ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run, ìlà náà máa ń tọ́ débi pé àwọn kafińtà ń gbé rúlà wọn wá sọ́dọ̀ mi kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wọ́. Pupa dúró sí ìhín, ojú ọ̀run dúró sí ọ̀hún, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ ré sí ilé ẹnì kejì. Gbogbo ẹ̀sìn tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ nìyẹn, òun ló sì kó mi sí wàhálà.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi. Ó lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán inú kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, nítorí pé mo ní páànù tó ń gba iná lára oòrùn, ti ìyá rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń din gààrí ní Daagbé ló gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún un. Àwọn ìyá wọ̀nyí ti ní ẹ̀rọ tuntun tó ń rin ẹ̀gẹ́, ẹnu ẹ̀rọ náà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ àti ìka. Ìyá kan ti fi èékánná méjì sílẹ̀ níbẹ̀. Igi wà tó yẹ kí wọ́n máa fi ti ẹ̀gẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ní igi ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ọwọ́ lásán ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Ni ẹgbẹ́ bá ní kí ọmọ yìí ṣe àwòrán tó ń rìn, èyí tí wọn yóò máa wò lórí fóònù, tí yóò fi hàn bí apá ṣe ń fi igi ti ẹ̀gẹ́.

Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ fi apá nìkan hàn wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, òun ni yóò ṣe gbogbo ìyókù. Bí wọn kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi bò: yóò palẹ̀ kọ̀ǹpútà mọ́, yóò sì tẹ̀ lé àǹtí rẹ̀ lọ máa ta aṣọ ní òdìkejì ààlà. Ọmọ náà kò fẹ́ ta aṣọ. Ó ti tà á rí fún oṣù kan, ó ní gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan aṣọ ló máa ń sọ pé aṣọ ẹ̀gbọ́n òun dára jù ú lọ.

Orí korobá ọ̀dà mi ni mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀ tí mo fi ń wò ó. Ó kọ́kọ́ ṣe awọ apá. Àwọ̀n ni, bí àwọ̀n apẹja tí wọ́n wé mọ́ igi: kókó, okùn, kókó, okùn. Níbi ìgúnpá, ó fi òrùka kókó mẹ́ta yí i ká, wọ́n sì sún mọ́ra. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi pọ̀ níbẹ̀.

“Bàbá, awọ tó máa ká gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti máa ká. Ẹ wo ìka yín.”

Mo wo ìka mi. Òótọ́ ni, ìlà wà ní oríkèé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti ń gbé e kiri, n kò bi í léèrè rí.

Lẹ́yìn náà ló ki eegun bọ inú àwọ̀n yẹn. Ọ̀kan láti èjìká dé ìgúnpá, ọ̀kan láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, kékeré kan fún àtẹ́lẹwọ́. Ó wá gbé òmíràn sí ọrùn ọwọ́, tí kò so mọ́ ohunkóhun.

“Èyí ńkọ́?” ni mo wí. “Ta ló kú tó fi í sílẹ̀?”

“Òun ni màá máa fà. Ibi tó bá lọ ni ọwọ́ máa bá a lọ, ìgúnpá àti èjìká á fúnra wọn wá ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ mú ife, ṣé ẹ máa ń kọ́kọ́ bá èjìká yín sọ̀rọ̀?”

“Èjìká tèmi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀.”

“Bon, ó dáa. Eléyìí, ẹ kò ní bẹ̀ ẹ́. Mo ti sọ fún un pé kó ka eegun méjì péré láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè.”

“Kí ló dé tí o kò so ó mọ́ apá, kó má baà sọnù?”

“Bí mo bá so ó mọ́ apá, apá á máa lé e, òun náà á máa tẹ̀ lé apá. Wọ́n á máa lé ara wọn yípo.”

“Bí ajá àti ìrù rẹ̀.”

“Voilà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.”

Ó fa eegun náà. Apá dìde, ó sì ká. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìgúnpá ká sí, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ewúrẹ́. Ewúrẹ́ mi tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri rí i, ó dìde dúró, ó sì kí i bí ìbátan. Ọmọ ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ṣe eegun méjèèjì tọ́ jù, pé eegun tó bá tọ́ bí ọ̀pá kì í mọ ibi tí yóò ká sí. Ó lọ tẹ ibi ìgúnpá díẹ̀ báyìí, díẹ̀ tí ojú mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ó wá gbé eegun mìíràn sí òkèèrè lẹ́yìn ìgúnpá, ó ní kí ìgúnpá máa kọjú sí i nígbà gbogbo. Láti ìgbà náà, ibi tó bá gbé eegun òkèèrè yẹn lọ ni ìgúnpá ń wò. Mo ní ọmọ tó gbọ́ràn báyìí kò sí nínú ẹbí wa.

Ó ku awọ. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn mi wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa. Olúkúlùkù kókó inú àwọ̀n ní láti mọ eegun tó ń tẹ̀ lé. Inú ẹ̀rọ yẹn, àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún un. Ẹ mú eegun òkè, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun awọ. Ibi tó bá pupa, ti eegun òkè ni pátápátá. Ibi tó bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọ̀ ewé àti ìyeyè tó wà láàárín ni àwọn tó ń gbọ́ ti eegun méjèèjì. Ẹ wá mú eegun ìsàlẹ̀, ẹ kun tirẹ̀ náà. Àwọ̀ yẹn kì í hàn nínú àwòrán tó bá parí. Àárín ẹ̀yin àti eegun ni.

Ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ kun tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n bí apá bá ká, ìgúnpá ń fún pọ̀ bí rọ́bà omi tí ènìyàn tẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ti fẹ́ máa fi ọwọ́ tún un ṣe nígbà tí ìyá olórí ẹgbẹ́ tẹ̀ ẹ́ láago pé kó wá wo ẹ̀rọ ní Daagbé kí àwọn tó jọ padà wá wo apá. Ó dìde, ó sì wò mí.

“Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

“Ìyàwó mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

Kò tíì dé títì tí mo ti wà lórí àga rẹ̀.

Kí n tó dá ara mi lẹ́bi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí mo rí. Mo rí apá kan tí wọ́n kùn pupa lókè, tí pupa náà wá ń ṣàn sínú ìyeyè, ìyeyè sínú àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé sínú búlúù, láìsí ìlà kankan níbì kan. Ìdọ̀tí. Ìkókó tí wọ́n fún ní búrọ́ọ̀ṣì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dájú pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí ọmọ yìí bẹ̀ mí. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀rọ, mo fi agbára rẹ̀ sí òkè pátápátá, mo kun apá òkè ní pupa dé àárín ìgúnpá gan-an, mo sì fi búlúù bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo bọ́ sórí eegun kejì, mo kun tirẹ̀ ní òdìkejì. Ìlà náà tọ́. Ó tọ́ débi pé eṣinṣin kan bà lé ojú ẹ̀rọ, ó sì ń rìn lórí ìlà náà láti etí dé etí láìyà.

Mo wá ṣe ohun tí gbogbo akunlé tó mọ iṣẹ́ ń ṣe bó bá parí: mo palẹ̀ mọ́, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti rí bọ́tìnnì méjì tí ọmọ yìí máa ń tẹ̀ pọ̀ kí iṣẹ́ má baà sọnù. Mo tẹ̀ wọ́n. Mo pa iná ẹ̀rọ náà, mo pa á dé, mo fi aṣọ nù ún, mo sì lọ jókòó sórí korobá mi bí ẹni mímọ́.

Wọ́n dé lẹ́yìn ọ̀sán, òun àti ìyá mẹ́rin. Ìyá olórí ẹgbẹ́ jẹ́ obìnrin tó sanra, tí apá rẹ̀ nípọn ju itan mi lọ nítorí gààrí dídín. Wọ́n kí mi.

“Bàbá Akunlé, ẹ kú ìjókòó.”

“Ẹ kú ìrìn, ẹ̀yin ìyá.”

Ọmọ ọmọ mi ṣí ẹ̀rọ. Apá náà fara hàn, òun nìkan nínú afẹ́fẹ́, láti èjìká dé ìka.

“Ẹni tó ni ín ńkọ́?” ni ìyá kan bi í.

“Kò tíì dé, ìyá. Apá ló kọ́kọ́ dé.”

“Ó yá apá ju ara lọ.”

Ó fa eegun ọrùn ọwọ́. Apá ká. Ní inú ìgúnpá, apá ìsàlẹ̀ rì sínú apá òkè bí ìgbà tí wọ́n ki ọ̀bẹ bọ inú bọ́tà. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, awọ nà pẹlẹbẹ ní ìgun, bí etí àpótí. Òrùka kókó mẹ́ta yẹn, wọ́n ti pín sọ́tùn-ún sósì, kò sí èyí tó dúró láàárín. Apá náà ò jọ apá mọ́. Ó jọ pákó méjì tí wọ́n fi ìṣó kan so pọ̀.

Ìyá kan di ìgúnpá ara rẹ̀ mú. Èkejì kọjú sí ògiri.

Ìyá olórí ẹgbẹ́ ní, “Ọmọ mi, a ní kó o kọ́ wa bí a kò ṣe ní pàdánù ọwọ́. Èyí ti pàdánù tirẹ̀ kó tó débi ẹ̀rọ.”

“Ìyá, kì í ṣe bó ṣe wà láàárọ̀ nìyí.”

“Ó ti ṣàìsàn láti àárọ̀?”

“Bí àwọn obìnrin wa bá rí èyí, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín,” ni ẹni tó di ìgúnpá mú wí. “Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kò ní mú igi.”

Ọmọ ọmọ mi ṣí ibi àwọ̀. Ó rí pupa, ó rí búlúù, ó rí ìlà. Kò wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀.

“Bàbá.”

“Mo wà níbí.”

“Ẹ pa á mọ́, àbí ẹ kò pa á mọ́?”

“Mo pa á mọ́. Mo sì tì í. Ṣé mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní gbangba ni?”

Ó ní bí n kò bá pa iná rẹ̀ ni, òun ì bá máa tẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ títí yóò fi dé bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti pa iná rẹ̀, kì í rántí àná. Ìyá olórí ẹgbẹ́ wo oòrùn. Ó ní àkókò ìrun àsárì ti tó, òun yóò lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn ìyókù yóò mu omi. Bí òun bá padà dé tí apá náà ṣì ṣẹ́, àwọn yóò máa lọ, nítorí ọkọ̀ Banigbé tí yóò gbé àwọn padà kì í dúró de ẹnì kan.

Ẹ wo ojú ọmọ náà. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó kàn ń to àwọn wáyà rẹ̀ pọ̀, bí ẹni tó ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń ná aṣọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọkùnrin kan. Akunlé ni òun náà, ó ti kú báyìí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń kùn, ìgbà gbogbo ni yóò sì ya oòrùn tó ń wọ̀ sí i: pupa nísàlẹ̀, ìyeyè lókè rẹ̀, kó tó di ojú ọ̀run, ẹnì kan kò sì lè fi ìka hàn ọ́ pé ibí ni pupa parí sí. Búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ló fi ń ṣe é, á máa fi fọwọ́ kan igi jẹ́jẹ́, léraléra, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ fún gbogbo ìlú pé kò mọ ìlà fà. Mo ní ìgbálẹ̀ ló fi ń kùn. Gbogbo ọkọ̀ ló ń lọ bá a, mo sì ń sọ pé àwọn awakọ̀ ò lójú.

Mo dìde, mo ní kí ọmọ náà fún mi láyè. Mo gba ẹ̀rọ. Mo rọ agbára búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ títí ó fi dà bí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ. Ọmọ náà ti tẹ ibì kan tó jẹ́ pé ohun tí eegun kan bá pàdánù, eegun kejì yóò gbà á, kí ìpín méjèèjì má baà ju odidi kan lọ, kó má sì dín. Bí ẹni méjì tó jọ gbé ìkòkò: bí ọ̀kan bá jọ̀wọ́ díẹ̀, ìwúwo yẹn ń lọ bá ẹnì kejì ni. Òrùka àárín, mo pín in dọ́gba-dọ́gba. Òrùka tó wà lókè rẹ̀, mo fi èyí tó pọ̀ fún eegun òkè. Ti ìsàlẹ̀, mo fi èyí tó pọ̀ fún eegun ìsàlẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, mo yí apá po, mo tún fọwọ́ kàn án. Mo yí i dé inú ìgúnpá níbi tí ojú kì í tètè dé. Pupa wọnú ìyeyè, ìyeyè wọnú àwọ̀ ewé. Oòrùn tó ń wọ̀ ni mo ń yà, lórí ìgúnpá ẹni tí kò tíì dé. Ní ọkàn mi, mo bẹ ọkùnrin yẹn pé kó má bínú.

Ìyá olórí ẹgbẹ́ padà dé pẹ̀lú ekuru ìforíbalẹ̀ níwájú orí rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi fà á,” ni ó wí.

Ó fa eegun náà wálé. Apá ká, ẹ̀yìn ìgúnpá yọ róbótó, inú rẹ̀ sì kó ara jọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí apá ènìyàn. Ó fà á lọ síwájú, apá nà. Ó tún fà á, ó fà á kọjá ibi tí ọwọ́ lè dé. Eegun náà lọ, apá dúró, ó nà tán, ó kàn ń nàka sí i láti òkèèrè.

“Kò ní lọ mọ́?”

“Ibi tó gùn dé nìyẹn, ìyá.”

“Apá tó mọ ibi tó gùn dé,” ni ìyá olórí ẹgbẹ́ wí. “Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n.”

Àwọn ìyá yẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe apá ni wọ́n ń fi rín. Ọmọ ọmọ mi fi igi sí i lọ́wọ́, ó sì mú un lọ síwájú, mú un padà, bí ẹni ń ti ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ti di ìgúnpá mú láti ìbẹ̀rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá ara rẹ̀ ṣe bákan náà nínú afẹ́fẹ́, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ìyá olórí ẹgbẹ́ wò ó, ó wo ẹ̀rọ.

“Ó dáa. Ṣe ìyókù. Ṣùgbọ́n bá wa wá obìnrin tó ni apá yẹn, kó sì sanra díẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí kò lè din gààrí.”

Wọ́n bá ọkọ̀ Banigbé. Ọmọ ọmọ mi jókòó, ó ń fa apá náà síwá sẹ́yìn, ó fà á títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi dé ìhín, ó yẹ kí n sọ èyí tí mo fi kún un. Èmi kọ́ ni mo tún apá yẹn kùn. Ibi tí wọ́n ti ń gbé agbára búrọ́ọ̀ṣì sókè nìkan ni mo mọ̀, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ló ṣe é, láàárín ìrun ẹnì kan, ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe láti Àjàṣẹ́ kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ń ya oòrùn sẹ́yìn ọkọ̀ rí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo na aṣọ sókè kí oòrùn má baà ta sójú ẹ̀rọ, apá mi sì ro mí títí di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bíbà tí mo bà á jẹ́, òótọ́ pọ́ńbélé ni.